Lẹ́tà Igba Ó Lé Ọgọ́rin

Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni ìkéde tí Bàbá Olùkọ́ kọ. Ó gbé e sórí tábìlì Akọ̀wé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé afẹ́fẹ́ á gbé e lọ.

"Gbé e sórí ayélujára bó ṣe wà yẹn," ó ní. "Má yọ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n ìyá Akọ̀wé ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ níwèé kó tó fẹ̀yìntì, kó tó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Òun ló ń kọ eré, òun náà ló ń darí rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ọrùn Akọ̀wé ló wà, nínú yàrá kóńkó kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Akọ̀wé kà á. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ìkíni. Ìkejì, bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ eré sá pamọ́ sí ìlà kejìdínlógún. Iye tíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn ìwé, lábẹ́ ọpẹ́ sí àwọn onínúure.

"Bàbá, ojú òpó tí àwọn èèyàn ti ń tẹ̀lé wa kì í gbà ju lẹ́tà igba ó lé ọgọ́rin lọ. Kọmá wà nínú rẹ̀. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀."

"Àlàfo tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kà á."

"Ahun ni wọ́n."

Wákàtí méjì ni Akọ̀wé fi gé e. Ó gé ìkíni, ó gé ìtàn. Ó kọ "14" dípò "ọjọ́ kẹrìnlá". Ó fi orúkọ eré sílẹ̀, àti ọjọ́, àti aago, àti gbọ̀ngàn, àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé ó ti parí, àfi ìgbà tí Bàbá Olùkọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó kà á.

"Èmi dà?"

"Àyè ò gbà á, bàbá..."

"Eré ò ní ẹni tó kọ ọ́? Ó kàn hù bí olú?"

Kò sí bó ṣe lè bá a jà. Ó fi í sí i: "Láti ọwọ́ ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé, olùkọ́ àgbà, baba ìtàgé, pẹ̀lú ọpẹ́ sí gbogbo onínúure." Nínú ìwé ìkọ̀wé orí fóònù rẹ̀, tó ń ka lẹ́tà bí ojú ṣe rí i, ó ṣì wọlé. Ó gbé e lọ sí ojú òpó, ni nọ́ńbà bá pọ́n: ó fi méjìlélógún lé.

Akọ̀wé kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ń ṣe wèrè. Ìgbà tó tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà tó bá ní àmì lábẹ́, méjì ni ojú òpó náà ń kà á. Tó bá tún ní àmì lórí, ó di mẹ́ta. Èdè tirẹ̀ ń san owó orí fún àmì!

Inú bí i. Ó yọ gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó fi han bàbá.

Bàbá Olùkọ́ wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Ilé Tí A Kò *Kó* Tán? Akọ̀wé, ṣé olè ni mí? Ilé tí a kò *kọ́* tán ni mo kọ! Ìwọ sọ pé a ti kó díẹ̀ nínú ẹrù, ó ku díẹ̀!"

Akọ̀wé ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun fi orí gbá tábìlì. Ó dá àmì padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ àwọn onínúure."

"Àwọn tó fún wa lága?"

"Ká yọ baba ìtàgé."

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ebi ti ń pa Akọ̀wé, ọ̀sán ti pọ́n. Ó wo ibi tó kọ "Gbọ̀ngàn Kékeré lẹ́yìn ilé ìkàwé". Ta ni kò mọ̀ pé Gbọ̀ngàn Kékeré la ti ń ṣeré? Ó fi "Gbọ̀ngàn" nìkan sílẹ̀, ó pa ìyókù rẹ́. Ó ku àyè lẹ́tà mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lọ jẹun.

Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ti pín in. Inú bàbá dùn. Ìyá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Fèrèsé, ni inú rẹ̀ kò dùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó wọ yàrá kóńkó náà láì kan ilẹ̀kùn.

"Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo tà láti àná. Méjì! Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń làágùn yọ̀bọ̀, ó ní Gbọ̀ngàn Ńlá lòun kọ́kọ́ lọ, ní òdìkejì ìlú. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní òun ti lé èèyàn tó ogún padà. Ó ní kí la fẹ́ kí òun fi wọ́n ṣe."

Akọ̀wé ṣí ìkéde náà, ó kà á bí àlejò ṣe máa kà á. Nínú ìlú tó ní gbọ̀ngàn méjì, ó kọ "Gbọ̀ngàn".

"Kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀," ni Bàbá Olùkọ́ wí láti orí àga rẹ̀ ní igun yàrá.

"Bàbá, àwọn tó ti pín in, ìyẹn tó wà lókè nìkan ni wọ́n pín. Àtúnṣe abẹ́ rẹ̀ kò ní bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Ká pa á rẹ́, ká kọ òmíràn, ká sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un pín. Ṣùgbọ́n àyè kò gba ibi eré àti oyè pọ̀."

"Wá nǹkan mìíràn gé."

"Kí ni kí n gé? Ọjọ́? Àbí iye tíkẹ́ẹ̀tì? Èwo nínú rẹ̀ ni kí n gé, bàbá?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè ju bó ṣe yẹ kí ọmọ bá bàbá sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ó ti sú mi ni."

Ìyá Fèrèsé ò bẹ ẹnikẹ́ni. "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n," ó ní, ó jókòó.

Bàbá Olùkọ́ mú gègé pupa tó fi ń ṣe àtúnṣe ìwé ọmọléèwé nígbà kan, ó ní kí Akọ̀wé da ìkéde náà kọ sórí ìwé, òun á gé e fúnra òun. Ó fa ìlà sí "aago 10 sí 3". Ìyá Fèrèsé ní kí ló dé, ṣé kí wọ́n wá bá òun nílé ni? Bàbá dá a padà. Ó fa ìlà sí iye ti akẹ́kọ̀ọ́, ó wò ó, ó dá ìyẹn náà padà. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó fa ìlà gbọọrọ kan láti "Láti ọwọ́" dé "onínúure", ó sọ gègé sílẹ̀.

"Ó tán. Mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún wa lága lójúkojú."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ kí ọkàn bàbá má baà yí padà:

"Eré: Ilé Tí A Kò Kọ́ Tán. Sátidé 14 oṣù 6, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn KÉKERÉ lẹ́yìn ilé ìkàwé. Tíkẹ́ẹ̀tì: àgbà 2000, akẹ́kọ̀ọ́ 1000. Rà á ní fèrèsé gbọ̀ngàn, aago 10 sí 3. A kò ní tà á lọ́jọ́ eré."

Igba ó lé mẹ́jọ. Ó ku méjìléláàádọ́rin. Bàbá wo nọ́ńbà náà pẹ́, ó sì gbójú kúrò.

Odindi ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Akọ̀wé fi kọ̀wé sí àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélógójì tún un pín. Ẹnì kan bú u. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìlà tó wà níwájú fèrèsé yí igun ilé ìkàwé ká.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Eré ti wọ ìran kejì nígbà tí tọkọtaya kan dé, tí wọ́n mú àwòrán ìkéde àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ìyàwó ní ìpàdé àwọn oníṣègùn eyín làwọn bá ní Gbọ̀ngàn Ńlá, àwọn sì jókòó gbọ́ ọ fún ogún ìṣẹ́jú, nítorí àwọn rò pé ara eré ni.

Akọ̀wé tọrọ àforíjì, ó wá ìjókòó méjì fún wọn lẹ́yìn. Ó jáde lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Láti inú gbọ̀ngàn, ó gbọ́ tí àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.