Ìwé Owó-Oṣù Káfíńtà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Adéwùsì, káfíńtà Igbó-Elérin, ti lọ bá éjẹ́ńtì nítorí yàrá kan ní Ìbà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé àtijọ́ kò ṣe é gbé fún un mọ́. Éjẹ́ńtì ní àfi kó mú ìwé owó-oṣù wá.

“Ta ni yóò kọ ọ́ fún mi? Ṣé pátákó ni?”

“Ẹ lọ ṣe é lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Òkòkòmáíkò, bàbá. Gbogbo ayé ló ń ṣe é.”

Nígbà tí bàbá dé Òkòkòmáíkò, Fúnmiṣọ́ tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ mirí. “Mi ò ṣe ayédèrú o, bàbá. Lándíọ́ọ̀dù kan pe ilé-iṣẹ́ tó wà lórí irú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ onítọ̀hún. Bí ilé ṣe bọ́ nìyẹn. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ní báńkì, kẹ́ ẹ sì wá onídùúró.”

Tìbínú-tìbínú ló fi gba sítétímẹ́ǹtì, tó sì lọ bá ìyá tó ni ilé Ìbà náà fúnra rẹ̀. Ìyá náà wo sítétímẹ́ǹtì náà: owó wọlé lóṣù kan, èkejì ṣófo.

“Oníṣẹ́ ọwọ́ kúkú ni yín. Ta ló ní kẹ́ ẹ mú ìwé owó-oṣù wá? Owó ọdún kan àti onídùúró ni mo fẹ́.”

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ti ṣòfò! Ó gba fọ́ọ̀mù. Níbi orúkọ onídùúró, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ Àbẹ̀kẹ́, orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó fa ìlà sí i, ó kọ orúkọ alága ẹgbẹ́ káfíńtà.