Owó Ọjọ́ Kan Nínú Áàpù Àjọ

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Akọ̀wé ò rójú jókòó. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ tí áàpù àjọ tuntun yóò máa bá àwọn ọlọ́jà sọ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ náà ni wọn yóò sì máa gbọ́. Gbogbo ẹ̀ ló dán mọ́rán, àfi gbólóhùn kan tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i: "A ó máa yọ owó iṣẹ́ díẹ̀."

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba ìsọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ lọ, ẹni tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù. Ó ka ìwé náà sí i létí.

"Díẹ̀ yẹn, èló ni?" Àǹtí rẹ̀ ò gbójú kúrò lára bọ́tìnnì tó ń ṣà.

"Owó ọjọ́ kan lóṣù, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá dá ti ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ó gba ti mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bíi ti alájọ tó ń gbé káàdì kiri."

"Tí ọmọ bá ṣàìsàn, tí mo gbowó mi lọ́jọ́ kẹta ńkọ́?"

Akọ̀wé wolẹ̀. "Wọ́n á ṣì yọ ti ọjọ́ kan."

"Nínú mẹ́ta."

"Nínú mẹ́ta, mà."

"Ohùn ẹ ni màá gbọ́, àbí? Ìwọ náà ni màá wá bá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Bó ṣe ń padà lọ ló ń fagi lé gbólóhùn ọ̀gá rẹ̀, tó ń tún un kọ.

Nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ọ̀gá dúró lẹ́yìn gíláàsì. Akọ̀wé kà á síta: "Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dá lóṣù, tiwa ni. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbowó yín lọ́jọ́ kẹta, tiwa ṣì ni. Ẹ ò ní san nǹkan míì."

Ọ̀gá dá a dúró. "Ṣé o fẹ́ lé wọn sá ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè ka èyí tẹ́ ẹ kọ. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́, ẹ wá ohùn ẹlòmíì."

Ohùn ẹlòmíì á gba ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀la sì ni wọ́n ń gbé áàpù dé ọjà. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Kà á lọ. Ọrùn ẹ ló wà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé tábìlì sẹ́nu ọjà. Ẹni mọ́kàndínlógún gbọ́ ohùn náà, mọ́kànlá sì bá tiwọn lọ. Aránbàtà kan ní kí wọ́n tún un gbé fún òun lẹ́ẹ̀mejì kó tó yọ fóònù rẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀. "Mo ti mọ ibi tí owó mi ń gbà," ló wí. Àwọn méje míì tẹ̀ lé e.

Àǹtí rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí lára wọn. "Ó yé mi dáadáa, ìdí tí mi ò ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Tèmi kì í pé oṣù kí n tó kó o."

Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Mà, ọjọ́ mélòó lẹ máa ń dá a dé kẹ́ ẹ tó kó o?"