Ohun Tó Kù Nígbà Tí Òjìji Lọ

Ọkọ àbúrò Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ̀, kò jókòó. Ó dúró gbagidi sẹ́yìn àga obìnrin náà, ó ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń wo aago ọwọ́.

"Àǹtí, níbi iṣẹ́, wọ́n ní ká fi àwòrán náà ránṣẹ́ kó tó di aago méjìlá," ló wí. "Ẹ ṣáà bá wa mú àárẹ̀ yẹn kúrò lójú ìyàwó mi."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkùnrin náà jẹ ọ̀gá ẹ̀ka níbi iṣẹ́ ni, wọ́n sì fẹ́ gbé àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn iléeṣẹ́. Ayàwòrán tó ni ṣọ́ọ̀bù ti yà wọ́n tán láàárọ̀ yẹn, ó ku ti atúnwòrán-ṣe. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ làwọn oníbàárà ń pe obìnrin yìí, torí ọdún mọ́kànlá ló ti ń tún ojú olójú ṣe tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú òun máa dán bí àwo tuntun, kó yáa wá ibòmíì gbà.

Àbúrò rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fa ìborùn síwájú. Oṣù mẹ́rin ni wọn ò ti fojú kanra. Tí ẹ̀gbọ́n bá pè é lórí fóònù, á ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun ráyè.

"Iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe nílé búrẹ́dì ló fa àárẹ̀ náà," ni ọkọ tún wí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé ìpele aláwọ̀ eérú kan lé orí àwòrán náà, irú èyí tí ojú kò lè rí, àmọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì funfun bá kàn án, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Tí dúdú bá kàn án, ibẹ̀ á ṣú. Dọ́ọ̀jì àti bọ́ọ̀nù làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ó dín agbára búrọ́ọ̀ṣì kù pátápátá, ó wá ń fi funfun ra kòtò abẹ́ ojú ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ó fi dúdú tẹ orí ibi tó wú, torí ibẹ̀ ń gba iná jù. Ó fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí abẹ́ ojú mọ́lẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ojú ọ̀tún tutù, ó dà bí ojú ẹni tó sùn dáadáa.

Ti òsì ló ṣe agídí. Bó ṣe ń mọ́lẹ̀ ni nǹkan míì ń yọ níbẹ̀. Ó rò pé ọwọ́ òun ló le jù, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan náà tún yọ: àwọ̀ bí ewé tó ń gbẹ, tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀.

Òjìji nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ń gbé kúrò, kì í fọwọ́ kan àwọ̀. Òjìji àárẹ̀ sì máa ń wà lójú méjèèjì, á tẹ̀ lé kòtò abẹ́ ojú. Èyí gun egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń lọ sọ́nà etí.

Ẹnì kan ti gbá a lójú. Inú bí ẹ̀gbọ́n gan-an. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá fi pa àwọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Tó bá sì pariwo báyìí, ọkùnrin yìí á fa ìyàwó rẹ̀ lọ, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n tún máa ríra?

"Àna mi," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "iwájú orí yín ń dán jù. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán tún ẹ̀yin nìkan yà, màá so yín pọ̀."

Ọ̀gá tuntun fọwọ́ kan iwájú orí. Ó wo aago, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wọ yàrá ìyàwòrán lọ.

"Wá wò ó," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò wò ó. Ó na ìka kan sí ojú kọ̀ǹpútà, àfi bíi pé á dun òun.

"Mo rò pé pọ́ńdà ti bò ó."

"Ó bò ó. Èmi ni mo ṣí i."

"Àǹtí mi, ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Àárẹ̀ ni wọ́n ní kí n mú kúrò. Ṣé àárẹ̀ lèyí?"

Iná kámẹ́rà kọ yẹ̀rì nínú yàrá. Àbúrò mí kanlẹ̀, ó mi orí.

"Ṣé wàá bá a lọ?"

Iná tún kọ. "Rárá," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Lẹ́yìn náà ló padà jókòó, ó fa ojú òsì náà tóbi títí ó fi gba gbogbo kọ̀ǹpútà.

Ọkùnrin náà jáde, ayàwòrán tẹ̀ lé e. "Ṣé ó ti tán?"

"Ibi tí mo lè ṣe é dé nìyí."

Ó wò ó. Ayàwòrán náà wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rọra gbé kámẹ́rà kalẹ̀.

"Ìyàwó mi dà?"

"Ó ti lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ilé wa," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí.