Lọ́rọ̀ Ara Rẹ

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan padà sí kíláàsì. Ìdánwò àṣekágbá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àyọkà ọjọ́ náà dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbéèrè rẹ̀ sì ni pé: "Ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, sọ ìdí méjì tí àìsàn yìí fi ń pa èèyàn."

Òun tó máa ń mókè tẹ́lẹ̀, ńṣe ló da ìlà mẹ́fà kọ látinú àyọkà. Òdo ni tíṣà fún un. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, tíṣà pè é.

"O mọ̀ pé a kì í dà á kọ. Yọ kókó rẹ̀, pa àpẹẹrẹ tì, kí o sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara rẹ. Kí ló dé?"

"Mà, tí mo bá sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara mi, màámi ni mò ń sọ."

Tíṣà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àìsàn yẹn ló pa ìyá ọmọ náà. "Má bínú, ọmọ mi. Fi í sílẹ̀."

"Ṣé wọn ò lè mú un wá nínú ìdánwò?"

"Wọ́n lè mú un wá."

Ọmọ náà mú bírò. Ó kọ ọ́ pé: "Àwọn aláìsàn kì í tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ara wọn bá sì ti fúyẹ́ díẹ̀, wọn a pa oògùn tì."

Tíṣà fún un ní máàkì tó pé.

"Mo rí oògùn tí màámi ò lò lábẹ́ ìrọ̀rí wọn," ni ọmọ náà wí, "mi ò sì sọ̀rọ̀." Ó bú sẹ́kún. Tíṣà dì í mú títí aago fi lù.