Ìṣẹ́jú Méjìlélógún Lẹ́yìn Oúnjẹ Alẹ́

Tíṣà ìṣirò ni Iyìolúwa ní ilé-ìwé girama kan l'Ésìẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ tí alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ bá lẹ́, kò sí agbára àròjinlẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ló ṣe ní òfin tó fi ń yan fíìmù tó máa wò lórí fóònù. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí igun àwòrán ló máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá ti ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ, ó ti fò ó. Bí wọ́n bá kọ “Apá Kìíní” sí i, ó di Sátidé. Ibi tí ẹkún bá wà, kò ní débẹ̀. Èyí tó ti wò rí ló tún dára jù, torí bí oorun bá gbé e lọ láàárín, kò pàdánù nǹkan kan.

Bó ṣe di ẹni tí kì í wo nǹkan mìíràn nìyẹn ju eré apanilẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó kan, oníṣẹ́jú méjìlélógún, tí ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ń parí lálẹ́. Àárọ̀ ló ti máa ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìrọ̀lẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ìyá rẹ̀ l'Ágbàmú, Màmá wá bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lálaalẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó síwájú fóònù. Bí Iyìolúwa bá rẹ́rìn-ín, Màmá á rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ ń fi yangàn níbi iṣẹ́ pé ìyá òun ti di ọ̀gá nínú fíìmù wíwò. Ẹni tó ń bi ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dọ̀sán bóyá ó yé wọn, kò bi ìyá tó bí i léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Alẹ́ tó kẹ́yìn pé. Gbóyèga àbúrò rẹ̀ máa wá gbé Màmá lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iyìolúwa dìde lọ ti géètì, eré náà sì ń lọ. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ wo fóònù. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ìgbà tó rí ẹ̀rín lójú ọmọ rẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Iyìolúwa jókòó tì í. Ó bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nínú eré náà.

“Mi ò mọ̀, Iyì. Ojú rẹ ni mò ń wò. Bí o bá ti rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ara ti ń tù ọ́.”

Ojú ti Iyìolúwa gan-an. Ó wá eré Yorùbá kúkúrú; nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dà á láàmú lálẹ́ yẹn, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi rí oníṣẹ́jú mọ́kànlá, nípa ọkùnrin kan tó parọ́ owó oṣù rẹ̀ fún àna rẹ̀. Màmá ti rẹ́rìn-ín kí Iyìolúwa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń bá àwọn inú fóònù sọ̀rọ̀, ó ń bú ọkùnrin náà, gèlè rẹ̀ tú. Iyìolúwa ò rẹ́rìn-ín. Òǹkà ló ń ṣe lọ́kàn: alẹ́ mọ́kànlélógójì ṣáájú èyí.

Ó fẹ́ fi òmíràn sí i, àmọ́ Màmá ní kó jẹ́ káwọn sùn, ọ̀nà Èkó jìn.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí. “Èmi rò pé èyí tó máa yé mi ò sí nínú fóònù rẹ ni.”