Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Kó Dákẹ́

Ìyàwó Káfíńtà kì í fẹ́ kí ohunkóhun mú ọkọ rẹ̀ bínú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ló ń bẹ àwọn oníbàárà tí ọkọ rẹ̀ bá jágbe mọ́, òun ló sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé iṣẹ́ ló mú kó rẹ bàbá wọn. Kò sí ìjà tí kò mọ bó ṣe lè paná rẹ̀. Ìwà rere ni, ẹnikẹ́ni ò lè bú u, àmọ́ ìwà yìí náà ló kó bá a.

Nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Káfíńtà jà, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn ra fóònù kan wá, ó sì to ètò kan sínú rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fóònù á dún wẹ́rẹ́, ohùn obìnrin kan á sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó àkókò oògùn yín. Ṣé ẹ ti lò ó?" Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ "Mo ti lò ó", ohùn náà á dákẹ́ díẹ̀, á tún padà wá. Kì í pariwo, kì í sì í sú u. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àmì á yọ lórí fóònù ọmọ níbi tó wà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Káfíńtà kórìíra ohùn náà dé góńgó.

"Ṣé fóònù ló máa wá sọ ìgbà tí mo máa gbé nǹkan mì fún mi?" ló máa ń wí. "Oògùn tó jẹ́ pé ṣe ló ń lé mi lọ sílé ìtọ̀ ṣáá."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ó lò ó tó bá yá," ni Màmá, ìyàwó rẹ̀, máa ń dá a lóhùn, á sì na ìka tẹ "Mo ti lò ó" kí fóònù lè dákẹ́.

Ní àkọ́kọ́, òótọ́ ni pé ó fẹ́ kó lò ó tó bá yá. Á dúró kí inú ọkọ rọ̀, kó jẹun tán, kó tó fi ẹ̀rọ̀ gbé oògùn wá. Nígbà mìíràn Káfíńtà á gbà. Nígbà tó pọ̀ jù, hóró oògùn á padà sínú ike. Nígbà tó yá, Màmá ò tiẹ̀ ṣí ike mọ́. Ó kàn ń tẹ fóònù ni.

Ọjọ́ tí ọmọ bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ṣí fóònù hàn án: bàbá kò fo ẹyọ kan. Dókítà wo bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe ga tó, ó mi orí. Ó ní bí oògùn kò bá ká a pẹ̀lú gbogbo lílò yìí, òun á fi kún un. Ó sọ ọ̀kan di ìlọ́po méjì, ó sì fi òmíràn tì í. Káfíńtà ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n Màmá, ó gbé e mì. Báwo ló ṣe máa sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀? Ó fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé nígbà tí bàbá kì í kúkú lò ó, kí wọ́n fi kún un kò lè pa á lára.

Nígbà tó yá, ọmọ gba ìsinmi wá sílé. Bí ohùn ṣe sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ti da gbogbo oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ kí Màmá tó dìde.

"Bàbá mi, ẹ gbà."

Káfíńtà ò lè kọ nǹkan fún ọmọ yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gbé e mì. Bákan náà ni lọ́jọ́ kejì láàárọ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ ní kó má fún wọn, ṣùgbọ́n ìtìjú lágbára ju ẹ̀rù lọ.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?" ló bi í.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màmá. Ṣebí ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Káfíńtà dìde lórí àga láti lọ tọ̀. Òòyì kọ́ ọ, ó na ọwọ́ sí ògiri, ọwọ́ ò bá a. Ó fi orí gbá etí tábìlì tí òun fúnra rẹ̀ kàn.

Ní ọsibítù, dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àti pé orí tó fi gbá tábìlì ti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú agbárí. Ó bi wọ́n bóyá oògùn yìí ni bàbá ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ na fóònù sí i. "Wọn ò fo ẹyọ kan rí."

"Wọn ò lò ó," ni Màmá wí. "Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

Dókítà ò bá a wí. Ó kàn ṣàlàyé pé ara tí kò mọ oògùn ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́. Ọmọ ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi fún wọn," ló wí. Màmá fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà ò tíì lajú. Fóònù dún wẹ́rẹ́ nínú báàgì. Ṣé ẹ ti lò ó?

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́," ni ọmọ wí, kò wo ojú ìyá rẹ̀.

"Wọn ò lò ó," ni Màmá dáhùn. Kò fọwọ́ kàn án.

Ohùn náà dákẹ́, ó tún padà wá, jẹ́jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń sá fún igbe ọkùnrin yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó jókòó, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó jágbe.