Orúkọ Tí A Pè Lẹ́ẹ̀kan

Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ́ olórin kan jókòó sórí àpótí nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó gbé orí lé ọwọ́. Aago márùn-ún ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò dá fún un. Bí kò bá rí orúkọ gidi tí yóò máa fi kọrin fi ránṣẹ́ nígbà náà, orin ẹlòmíràn ni yóò lù lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin yóò sì mú un lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì, orin kíkọ dópin nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ló le nínú orúkọ. Orúkọ ló kọ́kọ́ pa ọmọ náà láyò. Orúkọ Adùn ló fi gbé orin àkọ́kọ́ jáde, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, torí gbogbo ará ilé ló rántí rẹ̀. Ta ni kì í rántí orúkọ ọmọ tó ń báni fọ abọ́? Ará ìta kò rántí. Èyí tó burú jù ni pé Adùn mẹ́rìnlá ló ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n bá kó orin rẹ̀ sábẹ́ ojú-ewé ọkùnrin onífèrè kan tí kò mọ̀ rí. Ẹni tó bá wá ọmọ yìí, onífèrè ló ń bá. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Onísítúdíò, ọkùnrin tínínrín tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ti sọ fún un pé nǹkan mẹ́ta ni orúkọ olórin fi ń dúró: kí nǹkan ti ẹni náà gan-an wà nínú rẹ̀, kí ó ní ìtumọ̀, kí ẹnu àlejò sì lè gbé e. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ó ní, ṣùgbọ́n méjì á dà á nù.

Òun àti onísítúdíò mú orúkọ méjì, Ohùn Wúrà àti Bísíkò. Ti àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀, àmọ́ olórin èyíkéyìí ló lè wọ̀ ọ́. Èkejì fúyẹ́ lẹ́nu, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù méje, wọ́n rìn yíká, wọ́n padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí láti béèrè. Télọ̀ ní ohùn kan báyìí ni. Alágbàlọ̀ ronú, ó ní, "Bísíkíìtì, àbí?" Onísítúdíò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọmọ náà, ó gbé ẹ̀rín mì.

Aago mẹ́ta ti lù. Onísítúdíò bi í pé kí ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ó wolẹ̀ kí ó tó dáhùn.

"Abíọ́nà."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọsibítù ni ìrọbí mú un. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bí i sí, kò sì dé ọsibítù láàyè. Láti ìgbà náà, "ọmọ mi" ni bàbá ń pè é. Ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ náà nínú ilé wọn.

Onísítúdíò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó gé A iwájú kúrò: Bíọ́nà. Kò sí olórin kankan tó ń jẹ́ ẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni tó ń wá a kò tilẹ̀ fi àmì ohùn sí i, á ṣì rí i. Ètè á pàdé níbẹ̀rẹ̀, ẹnu á là gbàgà nígbẹ̀yìn, èrò lè fi pariwo. Wọ́n tún gba ṣọ́ọ̀bù méje mìíràn lọ. Nígbà tí wọ́n padà, ẹni márùn-ún ló pè é fún wọn láìjáfara.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ̀rù ló bà á. Àárọ̀ dalẹ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún bàtà ṣe.

Ó sáré débẹ̀ ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ó sọ orúkọ náà fún un, ó sì ṣàlàyé ibi tó ti yọ ọ́. Ó ní bí bàbá kò bá fẹ́, òun á lọ sí ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì náà, òun kò ní bínú.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀.

"Ìyá ẹ ló sọ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, mi ò gbàgbé."

Ọmọ náà fi orúkọ náà ránṣẹ́ kí aago márùn-ún tó lù. Bàbá na ọwọ́ sí rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀la ni wọn yóò tó lu orin náà.